Ìdí tí ẹ́nájì aiọ́náíséṣọ̀n fi ń já wálẹ̀ ní bórọ̀nù àti ní ọ́síjìn

Gbogbo ẹni tó bá ti ka kẹ́mísírì dé SS2 ló ti há a sórí pé téèyàn bá ń lọ láti apá òsì sí apá ọ̀tún lórí pẹriọ́díìkì tébù, ẹ́nájì aiọ́náíséṣọ̀n á máa ga sí i, téèyàn bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ látòkè, á máa dín kù. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ mú nọ́ńbà ìlà kejì wá kẹ́ ẹ tò ó síwájú yín: lítíọ̀mù 520, bẹrílíọ̀mù 899, bórọ̀nù 801, kábọ̀nù 1086, náítírójìn 1402, ọ́síjìn 1314, fúlúórínì 1681, níọ̀nù 2081. Ẹ̀ẹ̀mejì ló já wálẹ̀ kó tó dé òpin, ó já ní bórọ̀nù, ó tún já ní ọ́síjìn, ibẹ̀ gan-an sì ni WAEC àti JAMB máa ń fi ìbéèrè sí.

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ fún ti ọ́síjìn ni pé "2p náítírójìn kún dé ìdajì, ohun tó bá kún dé ìdajì sì máa ń dúró ṣinṣin." Wọ́n á fún yín ní máàkì, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa, ẹ máa rí i pé náítírójìn kọ́ ló ṣe nǹkan kan tó yàtọ̀, ọ́síjìn ni, fúlúórínì àti níọ̀nù tó tẹ̀ lé e náà sì bá a ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín nìyẹn, mo sì fẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é kó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà yìí ń wọ̀n, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ́nájì aiọ́náíséṣọ̀n àkọ́kọ́ ni ẹ́nájì tó kéré jù téèyàn gbọ́dọ̀ ná kó tó lè yọ ẹlẹ́kítírọ̀nù kan kúrò lára átọ̀mù tó dá wà, tó wà ní gáàsì, tí kò so mọ́ átọ̀mù mìíràn rárá. Torí pé ti átọ̀mù kan ṣoṣo kéré ju ohun tó ṣeé kà lọ, wọ́n á ṣe é fún mólù kan, ìyẹn átọ̀mù bíi 6.02 × 10²³, wọ́n á wá kọ ọ́ ní kJ/mol. Ẹ di "átọ̀mù tó dá wà" yẹn mú o. Mo ti rí ẹni tó kọ ọ́ pé ti náítírójìn ga torí pé gáàsì náítírójìn kì í fẹ́ bá nǹkan kan ṣe pọ̀. Gáàsì náítírójìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ kì í tètè bá nǹkan ṣe pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n torí pé átọ̀mù méjì ló so mọ́ra wọn ní ìdè mẹ́ta níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìdè yẹn ò sì wọ inú ohun tí à ń wọ̀n yìí rárá, átọ̀mù kan ṣoṣo là ń bá wí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ nọ́ńbà náà? Ọ̀nà kan tó rọrùn láti yé èèyàn ni kí wọ́n tan iná tí wọ́n mọ iye ẹ́nájì rẹ̀ sára gáàsì náà, iná á ta ẹlẹ́kítírọ̀nù kúrò, wọ́n á wá wọn bí ẹlẹ́kítírọ̀nù yẹn ṣe yára tó bó ṣe ń jáde. Ohun tí iná mú wá, tẹ́ ẹ bá yọ ohun tí ẹlẹ́kítírọ̀nù gbé lọ kúrò nínú ẹ̀, ohun tó kù ni iye tí wọ́n ná láti tú u sílẹ̀. Iná tí wọ́n sábà máa ń lò ni ti hílíọ̀mù, tí ẹ́nájì rẹ̀ jẹ́ 21.22 eV. Tí wọ́n bá tàn án sára ágọ̀nù, ẹlẹ́kítírọ̀nù tó yára jù lára àwọn tó ń jáde máa ń gbé bíi 5.46 eV lọ, nǹkan tó kù jẹ́ 15.76 eV, tẹ́ ẹ bá sì sọ ọ́ di kJ/mol, ẹ máa rí nǹkan bíi 1521, tí í ṣe nọ́ńbà ágọ̀nù nínú ìwé yín gan-an. Ohun tó dáa jù nínú ọ̀nà yìí ni pé kì í ṣe ẹlẹ́kítírọ̀nù ẹ̀yìn pátápátá nìkan ló lè sọ ìtàn rẹ̀, tí iná yẹn bá lágbára tó, ó lè yọ èyí tó wà nínú náà, wọ́n á sì mọ iye tí ìyẹn náà ń gbà. Ẹ rántí èyí, a máa lò ó láìpẹ́.

Wàyí o, kí ló ń jẹ́ kó máa ga sí i? Ohun tó di ẹlẹ́kítírọ̀nù mú ni núkílíọ̀sì tó wà láàárín, tí pírótọ̀nù wà nínú ẹ̀. Bí a bá ń ti ẹ́límẹ́ǹtì kan bọ́ sí èkejì lórí ìlà kan náà, pírótọ̀nù kan ń wọlé, ẹlẹ́kítírọ̀nù kan náà sì ń wọlé. Èèyàn lè rò pé wọ́n á kàn pa ara wọn rẹ́, pé ẹlẹ́kítírọ̀nù tuntun á bo agbára pírótọ̀nù tuntun mọ́lẹ̀ fún àwọn yòókù, kí gbogbo rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé ìpele kan náà ni ẹlẹ́kítírọ̀nù tuntun yẹn wà pẹ̀lú àwọn tó bá níta. Kò sí láàárín wọn àti núkílíọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ wọn ló wà, kò lè bo púpọ̀. Àwọn tó wà ní ìpele inú ló lè bo nǹkan dáadáa.

John Slater, onífísíìsì ará Amẹ́ríkà, ṣe ìlànà ìṣirò kan jáde ní 1930 tó jẹ́ kí èyí ṣeé fojú rí. Nínú ìlànà ẹ̀, ẹlẹ́kítírọ̀nù tó wà ní ìpele kan náà ń bo 0.35 péré nínú agbára pírótọ̀nù kan, èyí tó wà ní ìpele inú tó tẹ̀ lé e ń bo 0.85. Lítíọ̀mù ní pírótọ̀nù 3, ẹlẹ́kítírọ̀nù 2 wà nínú tó ń bo 1.70, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kítírọ̀nù ẹ̀yìn wá ku 1.30. Bẹrílíọ̀mù di 1.95, bórọ̀nù 2.60, kábọ̀nù 3.25, bó ṣe ń fi 0.65 lé 0.65 nìyẹn títí á fi kan níọ̀nù tó ní 5.85. Agbára tó ń fa ẹlẹ́kítírọ̀nù wọlé ń pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbésẹ̀, kò sí ibi tó ti rẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìlà yẹn ì bá máa gòkè lọ tààrà ni, bórọ̀nù ì bá ju bẹrílíọ̀mù lọ, ọ́síjìn ì bá ju náítírójìn lọ. Nítorí náà nígbà tó bá já wálẹ̀, ẹ má sọ pé núkílíọ̀sì ló rọ̀ o, kò rọ̀. Ẹ lọ wo ẹlẹ́kítírọ̀nù wo ni wọ́n yọ.

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn máa béèrè nìyẹn nígbà gbogbo: èwo ni wọ́n yọ, níbo ló wà, ta ló sì wà pẹ̀lú ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ti bórọ̀nù. Bẹrílíọ̀mù jẹ́ 1s² 2s², bórọ̀nù jẹ́ 1s² 2s² 2p¹. Ti bẹrílíọ̀mù, ẹlẹ́kítírọ̀nù 2s ni wọ́n yọ, ti bórọ̀nù, 2p ni wọ́n yọ, méjèèjì wà ní ìpele kejì lóòótọ́ ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń gbé ò rí bákan náà. Ẹlẹ́kítírọ̀nù 2s máa ń wọlé dé ìtòsí núkílíọ̀sì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń gba àárín àwọn 1s kọjá, nígbà tó bá sì wà níbẹ̀ kò sí ẹni tó bo nǹkan kan mọ́ ọn lójú, gbogbo agbára núkílíọ̀sì ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ti 2p kì í wọlé tó bẹ́ẹ̀, ní ojú núkílíọ̀sì gan-an kò sí òun níbẹ̀ rárá, ìta ló ti ń lo ọ̀pọ̀ ìgbà rẹ̀, àwọn 1s àti díẹ̀ lára 2s sì ń bò ó lójú. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi dì í mú tó 2s, tí yíyọ rẹ̀ sì fi rọrùn. Ẹ kíyè sí i pé nínú háídírójìn tó ní ẹlẹ́kítírọ̀nù kan ṣoṣo, ẹ́nájì 2s àti 2p fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra. Wíwà àwọn ẹlẹ́kítírọ̀nù yòókù, àti bí wọ́n ṣe ń bo nǹkan, ló dá ìyàtọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀rí ńkọ́? Ẹ rántí iná tí mo sọ pé ó lè yọ ẹlẹ́kítírọ̀nù tó wà nínú náà. Nígbà tí wọ́n wọn bórọ̀nù, yíyọ 2p rẹ̀ gba 801, ṣùgbọ́n yíyọ 2s rẹ̀ gba nǹkan bíi 1360. Ẹ wá fi 1360 yẹn wé 2s lítíọ̀mù tó jẹ́ 520 àti 2s bẹrílíọ̀mù tó jẹ́ 899. 520, 899, 1360. Kò já rárá! Òfin tẹ́ ẹ há sórí yẹn ń ṣiṣẹ́ lọ ní tiẹ̀, ẹlẹ́kítírọ̀nù 2s ń le sí i láti yọ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ bórọ̀nù ti ní ẹlòmíràn níta tó rọrùn jù ú lọ, ìyẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yìí dáhùn ìbéèrè bórọ̀nù, ó ti tán, ẹ má kọ pé "2s bẹrílíọ̀mù kún" kẹ́ ẹ wá dákẹ́, torí pé kíkún yẹn nìkan kò ṣàlàyé nǹkan kan.

Ti ọ́síjìn yàtọ̀ pátápátá, ẹ má da méjèèjì pọ̀. Náítírójìn jẹ́ 2s² 2p³, ọ́síjìn jẹ́ 2s² 2p⁴. 2p ni wọ́n yọ lára méjèèjì, kò sí ọ̀rọ̀ s tàbí p níbí. Ohun tó yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe jókòó. 2p ní ọ́bítà mẹ́ta, ẹ wò ó bí ilé oníyàrá mẹ́ta tí owó ilé yàrá kọ̀ọ̀kan dọ́gba: ẹni àkọ́kọ́ á gba yàrá kan, ẹnì kejì ò ní lọ bá a níbẹ̀ nígbà tí yàrá ṣì ṣófo, á gba tiẹ̀, ẹnì kẹta náà á gba tiẹ̀, ẹnì kẹrin tó bá dé ló máa di dandan fún láti bá ẹnì kan gbé. Òfin Hund nìyẹn. Náítírójìn ní ẹni mẹ́ta, oníkálùkù dá gbé. Ọ́síjìn ní ẹni mẹ́rin, nítorí náà yàrá kan ti di ti ẹni méjì.

Ẹlẹ́kítírọ̀nù méjì tó bá wà nínú ọ́bítà kan náà, agbègbè kan náà ni wọ́n ń lò, méjèèjì sì ní àmì òdì, torí náà wọ́n ń ti ara wọn gan-an. Títì yẹn ń bá ẹni tó fẹ́ yọ ọ̀kan nínú wọn ṣiṣẹ́, ó ti san díẹ̀ nínú owó náà fún un. Ohun kan tún wà tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ kì í sábà sọ. Àwọn ọfà tí tíṣà máa ń yà sínú àpótí, ↑ àti ↓, wọ́n nítumọ̀. Ẹlẹ́kítírọ̀nù tí ọfà wọn kọjú síbì kan náà máa ń yẹra fún ara wọn ju bí àmì òdì wọn nìkan ṣe lè mú kí wọ́n ṣe lọ, kò sí bí méjì nínú wọn ṣe lè wà lójú kan náà. Yíyẹra yìí ń jẹ́ kí títì tó wà láàárín wọn kéré. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní 2p náítírójìn ló kọjú sókè, gbogbo wọn ló ń jẹ àǹfààní yẹn lọ́dọ̀ ara wọn. Ẹ̀kẹrin ti ọ́síjìn gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀ kó tó lè wọ ọ́bítà tẹ́nì kan ti wà, kò sì rí ẹnikẹ́ni ní 2p tó kọjú síbi tóun kọjú sí, àǹfààní yẹn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí méjèèjì yìí ló para pọ̀ tó fi rọrùn láti yọ.

Ó dáa, mo ní náítírójìn kọ́ ló ṣe nǹkan tó yàtọ̀. Ẹ mú bébà kan, kẹ́ ẹ bá mi ṣe é. Láti bórọ̀nù dé kábọ̀nù, ó fi 285 gòkè. Láti kábọ̀nù dé náítírójìn, ó fi 316 gòkè. Ìgbésẹ̀ yẹn fi nǹkan bíi 31 gùn sí i. Tó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ tó kàn á jẹ́ 347, ọ́síjìn ì bá wà ní 1749. Ìgbésẹ̀ tó tún kàn á jẹ́ 378, fúlúórínì ì bá wà ní 2127. Ẹ̀yìn ìyẹn, 409, níọ̀nù ì bá wà ní 2536. Ẹ wá fi wọ́n wé nọ́ńbà gidi. Ọ́síjìn jẹ́ 1314, ó fi 435 dín. Fúlúórínì jẹ́ 1681, ó fi 446 dín. Níọ̀nù jẹ́ 2081, ó fi 455 dín.

Ẹ wo iye tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi dín, 435, 446, 455, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Tó bá jẹ́ pé náítírójìn ló ga jù bó ṣe yẹ torí pé ó "dúró ṣinṣin", òun nìkan ni ì bá yọ sókè, tá a bá sì ti kúrò lórí ẹ̀, fúlúórínì àti níọ̀nù ì bá padà sórí ìlà tí bórọ̀nù àti kábọ̀nù wà. Wọn ò padà. Náítírójìn wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú bórọ̀nù àti kábọ̀nù láìsí wàhálà. Ọ́síjìn ló bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun tó rẹlẹ̀, ìdí tí àwọn méjì tó kù sì fi wà lórí ìlà tuntun yẹn ni pé tẹ́ ẹ bá ń yọ ẹlẹ́kítírọ̀nù kan lára fúlúórínì tàbí níọ̀nù, èyí tó ń bá ẹlòmíràn gbé nínú ọ́bítà kan náà ni wọ́n máa yọ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìlà méjì ló wà ní ìdajì ọ̀tún yìí, mẹ́ta ń gòkè, ó já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mẹ́ta tún ń gòkè. Fún èmi o, ìgbà tí mo ya èyí sórí gíráàfù tí mo fi rúlà so mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀ ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ "kún dé ìdajì" yẹn ń fọwọ́ sí ẹ́límẹ́ǹtì tí kò jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé ìṣirò fífa ìlà gùn yìí kò péye tó ohun téèyàn wọ̀n, kò sì ní fún yín ní iye títì yẹn gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ìdọ́gba yẹn hàn kedere.

Ìdánwò míì wà tó tún lágbára ju ìyẹn lọ. Tó bá jẹ́ bí ẹlẹ́kítírọ̀nù ṣe jókòó ló fa jíjá yìí lóòótọ́, tá a bá yọ ẹlẹ́kítírọ̀nù kan kúrò lára gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí jíjá náà sún síwájú. Ẹ́nájì aiọ́náíséṣọ̀n kejì nìyẹn, ìyẹn yíyọ ẹlẹ́kítírọ̀nù kejì lára aiọ́nù tó ti ní àmì + kan. Bórọ̀nù tó ti pàdánù ọ̀kan wá di 2s², bíi bẹrílíọ̀mù. Kábọ̀nù tó ti pàdánù ọ̀kan di 2s² 2p¹, bíi bórọ̀nù. Ọ́síjìn di 2p³, bíi náítírójìn, fúlúórínì di 2p⁴. Nítorí náà jíjá àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kúrò ní bórọ̀nù kó bọ́ sí kábọ̀nù, èkejì gbọ́dọ̀ kúrò ní ọ́síjìn kó bọ́ sí fúlúórínì. Nọ́ńbà tí wọ́n wọ̀n nìwọ̀nyí: bẹrílíọ̀mù 1757, bórọ̀nù 2427, kábọ̀nù 2353, náítírójìn 2856, ọ́síjìn 3388, fúlúórínì 3374. Ó já ní kábọ̀nù, ó já ní fúlúórínì, ibi tá a ní kó já gan-an ló ti já. Ọ́síjìn tó rẹlẹ̀ ju náítírójìn lọ lẹ́ẹ̀kan ti wá fi ju 500 lọ ga jù ú lọ báyìí. Tí wọ́n bá fún yín ní ìbéèrè aiọ́náíséṣọ̀n kejì nínú ìdánwò, ẹ kọ bí ẹlẹ́kítírọ̀nù aiọ́nù náà ṣe tò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ẹni tó bá fi ti átọ̀mù dáhùn ló máa ń gbà á sódì.

Tá a bá wọ ìlà kẹta, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀, àmọ́ jíjá méjèèjì ò tóbi bákan náà mọ́. Sódíọ̀mù 496, mágínísíọ̀mù 738, alumíníọ̀mù 578, sílíkọ̀nù 787, fọ́sífọ́rọ̀sì 1012, imí ọjọ́ 1000, kílórínì 1251, ágọ̀nù 1521. Láti mágínísíọ̀mù sí alumíníọ̀mù ó já ní 160, tó ju ti bórọ̀nù tó jẹ́ 98 lọ. Ṣùgbọ́n láti fọ́sífọ́rọ̀sì sí imí ọjọ́, 12 péré ló fi já, nígbà tí ti ọ́síjìn jẹ́ 88. Ìdí ni pé átọ̀mù ìlà kẹta tóbi ju ti ìlà kejì lọ, ọ́bítà 3p fẹ̀, àwọn méjì tó jọ ń gbé inú rẹ̀ ní àyè láti jìnnà síra, títì wọn ò le tó ti 2p tó há. Kì í ṣe pé títì yẹn ti tán o. Tẹ́ ẹ bá tún fa ìlà alumíníọ̀mù, sílíkọ̀nù àti fọ́sífọ́rọ̀sì gùn bí a ṣe ṣe níjelòó, imí ọjọ́ ì bá sún mọ́ 1250, 1000 ló wà, nǹkan bíi 250 ló fi dín. Ó ṣì ń ṣẹlẹ̀, agbára pírótọ̀nù tuntun tó wọlé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ pátá.

Ibi tí eléyìí ń lọ ṣe kókó, torí ẹni tó bá há jíjá náà sórí bí òfin á kọsẹ̀ níwájú. Ní ìlà kẹrin, áséníìkì jẹ́ bíi 947, sẹlẹ́níọ̀mù 941, jíjá ti ku nǹkan mẹ́fà. Ní ìlà karùn-ún, ántímónì jẹ́ nǹkan bíi 834, tẹlúríọ̀mù 869. Kò já mọ́! Ó gòkè. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe gòkè: 35 péré, nígbà tó jẹ́ pé láti tẹlúríọ̀mù sí áyódíìnì tó jẹ́ 1008 ó fi 139 gòkè, láti áyódíìnì sí sẹ́nọ̀nù tó jẹ́ 1170 ó fi 162 gòkè. Ìgbésẹ̀ kékeré 35 yẹn ni ibi tí títì náà fara pa mọ́ sí. Àwọn méjì ṣì ń bá ara wọn gbé nínú 5p tẹlúríọ̀mù, wọ́n ṣì ń ti ara wọn, kàn jẹ́ pé ọ́bítà náà ti fẹ̀ débi tí títì yẹn ò fi lè borí pírótọ̀nù kan tó wọlé. Tí wọ́n bá fún yín ní gíráàfù tí wọn ò kọ orúkọ ẹ́límẹ́ǹtì sí, tẹ́ ẹ sì ń wá ibi tí ẹlẹ́kítírọ̀nù p ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ní méjì-méjì, ẹ má wá ibi tó ti já nìkan, ẹ wá ibi tí ìgbésẹ̀ ti kúrú ju ti àwọn tó wà ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ẹ tún wo ohun tó ń sọ̀ kalẹ̀ náà, torí òun náà kì í lọ tààrà. Lítíọ̀mù 520, sódíọ̀mù 496, pọtásíọ̀mù 419, rubídíọ̀mù 403, sísíọ̀mù 376, ó ń dín kù dáadáa, torí pé ẹlẹ́kítírọ̀nù ẹ̀yìn ń jìnnà sí núkílíọ̀sì ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo abẹ́ bórọ̀nù: bórọ̀nù 801, alumíníọ̀mù 578, gálíọ̀mù 579. Gálíọ̀mù ò dín kù rárá. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìlà kẹrin, ẹlẹ́kítírọ̀nù 3d mẹ́wàá ti wọlé pẹ̀lú pírótọ̀nù mẹ́wàá, àwọn 3d yẹn ò sì mọ nǹkan bò bí i ti s àti p inú, púpọ̀ nínú agbára pírótọ̀nù mẹ́wàá yẹn ló ráyè dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kítírọ̀nù ẹ̀yìn gálíọ̀mù, ó dì í mú, jíjìnnà tó jìnnà sí núkílíọ̀sì ò wá lè mú kó rọrùn láti yọ ju ti alumíníọ̀mù lọ.